Fọ́tò Àgbàlagbà Tó Sọnù: Bí A Ṣe Ń Pín In Kí Ẹni Tó Bá Pàdé Wọn Lè Dá Wọn Mọ̀

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹbí tí bàbá tàbí ìyá wọn jáde nílé tí wọn ò padà wọlé, pàápàá àgbàlagbà tí iyè wọn ti ń rá, tí wọn ò lè júwe ilé bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n. Ọ̀rọ̀ ọmọdé tó sọnù ní ìlànà tirẹ̀, ti ẹni tí wọ́n jí gbé sì tún yàtọ̀, nítorí náà a ò ní dà wọ́n pọ̀ níbí. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo la ó máa mú bọ̀: màmá ẹni ọdún 76 tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Ìyánà-Ìpájà l'Ékòó, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ta ata ní ọjà Oyíngbò kí agbára tó dínkù. Wọ́n jáde ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Nígbà tó máa fi di aago mẹ́jọ, kò sẹ́ni tó rí wọn ní àdúgbò mọ́.

Kí fọ́tò tó jáde síta

Ẹ kọ́kọ́ fi bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n wá itòsí: ẹ̀yìnkùlé, ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ tí kò tíì ní ilẹ̀kùn, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí wọ́n máa ń lọ, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, inú ọkọ̀ tí wọn ò ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tí iyè rẹ̀ ń rá kì í dáhùn nígbà gbogbo bí a bá ń pè é. Ó lè jókòó sí kọ̀rọ̀ kí ó máa gbọ́ ohùn yín, kí ó má sì mọ̀ pé òun lẹ ń pè. Ojú ni kí ẹ fi wá wọn, kì í ṣe ohùn nìkan.

Bí ẹ ò bá rí wọn, kí ẹnì kan gba tẹ́ṣàn ọlọ́pàá tó súnmọ́ jù lọ lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn sì pe 112. L'Ékòó, ẹ lè pe 767 náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé àfi kí wákàtí 24 kọjá kí ọlọ́pàá tó gba ẹjọ́ ẹni tó sọnù. Kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín ní káńtà pé kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ fi sùúrù ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí ọ̀gá tẹ́ṣàn náà.

Ìdí kejì tí tẹ́ṣàn fi ṣáájú fọ́tò ni pé orúkọ tẹ́ṣàn náà máa wọ inú ìkéde yín. Ẹni tó bá rí àgbàlagbà tó ń rìn gbéregbère máa ń bẹ̀rù pé bí òun bá mú wọn lọ sílé, wọ́n lè ní òun ló jí wọn gbé. Bí ìkéde bá sọ tẹ́ṣàn tó lè mú wọn lọ, ẹ̀rù yẹn á dínkù.

Ohun kan kù tí ẹ ní láti bi ara yín. Ṣé ìgbàgbé ló gbé wọn jáde, àbí ìjà wà nílé tí wọ́n ń sá fún? Àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé, tó mọ̀ọ́mọ̀ kúrò nílé nítorí pé ẹnì kan ń lù ú tàbí ń gba owó rẹ̀, kò sọnù. Títẹ fọ́tò irú ẹni bẹ́ẹ̀ síta lè da á padà sọ́wọ́ ẹni tó ń sá fún. Ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá wá irú wọn ní ìdákẹ́jẹ́. Bákan náà, bí ẹni yín bá gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíyà tàbí Yúróòpù tí ẹ ò gbúròó rẹ̀ mọ́, ẹ má tẹ fọ́tò rẹ̀ síta, àjọ Àgbélébùú Pupa, ìyẹn Red Cross, ni kí ẹ tọ̀ lọ. Lórí ìkànnì wọn tó ń jẹ́ Trace the Face, fọ́tò ẹni tó ń wá ènìyàn ni wọ́n máa ń fi hàn, kì í ṣe fọ́tò ẹni tí wọ́n ń wá, wọn kì í sì í kọ orúkọ sí i. Bí ẹni tó sọnù bá rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa pinnu bóyá òun fẹ́ kí wọ́n rí òun.

Fọ́tò wo ni kí ẹ mú?

Èyí tó máa kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹbí ni èyí tó rẹwà jù: ti ọjọ́ ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà, pẹ̀lú gèlè, àtíkè, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti aṣọ ẹbí. Òun náà ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Màmá tí kọndọ́kítọ̀ máa rí ní Òṣòdì kò wé gèlè. Irun funfun ló wà lórí wọn, ojú wọn ti gbẹ, ó sì lè jẹ́ pé ìborùn ti bọ́ sọ́nà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ pé ẹni kan náà ni. Kọndọ́kítọ̀ ò mọ̀.

Èyí kì í ṣe àbá lásán. Ní 2011, àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí bí a ṣe ń dá ojú mọ̀ gbé fọ́tò 40 kalẹ̀, 20 ti gbajúmọ̀ obìnrin kan ní Netherlands, 20 ti òmíràn, wọ́n sì ní kí àwọn èèyàn kó fọ́tò ẹnì kọ̀ọ̀kan jọ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn tí kò mọ àwọn obìnrin náà rí pín in sí ìdì bíi méje tàbí mẹ́jọ, bí ẹni pé èèyàn méje tàbí mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Àwọn tó mọ̀ wọ́n pín in sí méjì, wàhálà tán. Fọ́tò kan ṣoṣo kò tó àjèjì láti fi dá ojú mọ̀, àfi bí ìrísí inú fọ́tò náà bá súnmọ́ ìrísí ẹni náà lónìí.

Nítorí náà, fọ́tò méjì ni kí ẹ lò, tàbí mẹ́ta bí mẹ́ta bá wà. Èkíní ni ti ojú: kí wọ́n kọjú sí kámẹ́rà, kí ìmọ́lẹ̀ wà lójú wọn, kí ó jẹ́ ti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn. Èkejì ni ti gbogbo ara láti orí dé ẹsẹ̀, tó fi gíga àti ìdúró wọn hàn, bóyá ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀, bóyá wọ́n ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Bí ẹkẹta bá wà, kí ó jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ ojú. Ẹni tó wà lójú pópó, ẹ̀gbẹ́ àti ìrìn ló kọ́kọ́ máa rí kí ó tó rí ojú.

Bí ẹ ò bá ní fọ́tò tuntun, ẹ lọ sínú fídíò. Fídíò ọjọ́ ìbí tàbí ti àdúrà ọjọ́ Àìkú máa ń ní ìṣẹ́jú àáyá kan tí màmá fi kọjú síbí láìṣe ojú fún kámẹ́rà. Ẹ dá a dúró níbẹ̀, ẹ yà á kúrò lójú fóònù. Ìyẹn sàn ju fọ́tò sítúdíò ọdún mẹ́rin sẹ́yìn lọ, kódà bí kò bá mọ́ tó.

Ẹ ṣọ́ra fún fọ́tò tí ẹnì kan na ọwọ́ yà. Bí kámẹ́rà bá súnmọ́ ojú tó bẹ́ẹ̀, imú á tóbi ju bó ṣe rí lọ, etí á sá sẹ́yìn. Èyí tí wọ́n dúró bí mítà méjì yà ni ojú ti máa ń rí bí ó ṣe wà gan-an. Kámẹ́rà iwájú fóònù tún ní àléébù mìíràn: àwọn fóònù kan máa ń yí àwòrán padà bíi ti inú dígí. Bí màmá bá ní àpá ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó lè wà ní ọ̀tún nínú fọ́tò yẹn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó bá wà lára aṣọ tàbí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Bí lẹ́tà bá kọjú sódì, ẹ yí fọ́tò náà padà kí ẹ tó lò ó.

Ilà ojú ṣe pàtàkì fún àwọn àgbàlagbà wa. Pélé, àbàjà àti gọ̀ǹbọ́ wà lára ohun tí èèyàn lè fi dá wọn mọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí aṣọ pípààrọ̀ kò sì lè yí padà. Ohun tó ń dán ojú nínú fóònù, tó ń pa ìhunjọ rẹ́, máa ń pa ilà rẹ́ pẹ̀lú, pàápàá bí ilà náà kò bá jin. Bí ẹ bá rí i pé awọ ojú màmá jọ̀lọ̀ bíi ti ọmọ ogún ọdún nínú fọ́tò, ẹ wá òmíràn.

(Ilé tí àgbàlagbà rẹ̀ bá ti sọnù lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n sì rí wọn, yẹ kí ó máa ya fọ́tò méjì yìí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ó wà lórí fóònù ènìyàn méjì. Wọ́n ṣì lè tún jáde.)

Ohun tí ẹ ó gé kúrò

Ẹ gé gbogbo ẹlòmíràn kúrò nínú fọ́tò, àwọn ọmọ-ọmọ lákọ̀ọ́kọ́. Fífi àmì bo ojú wọn kò tó; ẹ gé e dànù. Bí èèyàn mẹ́ta bá wà nínú fọ́tò, tí ẹ kọ "èyí tó wà láàárín," ẹnì kan á gé e lọ́nà, fọ́tò aládùúgbò yín á wá máa káàkiri bí ẹni tó sọnù. Ẹ wo ẹ̀yìn wọn náà: nọ́ńbà ilé, nọ́ńbà ọkọ̀, báàjì ilé-ìwé. Gbogbo ìyẹn ló ń sọ ibi tí ẹ ń gbé fún ẹni tí kò yẹ kó mọ̀, nígbà tí ọkàn gbogbo ilé ò papọ̀ tí ilẹ̀kùn sì wà ní ṣíṣí.

Fọ́tò fúnra rẹ̀ tún lè gbé ibi tí wọ́n ti yà á sínú, tí ojú kò ní rí. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò, ìsọfúnni yẹn máa ń bọ́ dànù. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, ó máa ń bá a lọ. Nítorí náà, fọ́tò lásán pẹ̀lú HD ni ti gbogbo ayé. Document ni ti ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé fún yín, nítorí pé kò ní dín dídára rẹ̀ kù.

Ọ̀rọ̀ orí fọ́tò

Inú fọ́tò gan-an ni kí ọ̀rọ̀ wà. Àlàyé tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ nínú WhatsApp máa ń ṣubú sọ́nà: ẹnì kan á tọ́jú fọ́tò nìkan, á tún un fi ránṣẹ́, ẹni kẹwàá á rí màmá láìrí nọ́ńbà tó máa pè. Ẹ fi ojú wọn sókè kí ó gba bí ìdajì àyè náà, fọ́tò gbogbo ara ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀ lórí ilẹ̀ funfun. Ẹ má kọ ohunkóhun lé ojú, ẹ má sì fi pupa kọ "SỌNÙ" gba iwájú orí wọn.

Ohun tí ìkéde màmá wa máa sọ nìyí:

"MÀMÁ YÌÍ SỌNÙ. Ọdún 76. Wọ́n kúrò ní Ìyánà-Ìpájà, Èkó, ní Ìṣẹ́gun 14/10/2025, aago 7 àárọ̀. Ìró àti bùbá àdìrẹ aláró, síléépà pupa. Ilà pélé. Wọ́n kúrú, wọ́n ń tiro lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ìgbàgbé ń ṣe wọ́n, wọn ò lè júwe ilé. Ẹ pè wọ́n ní Ìyá Aláta. Ẹ fún wọn ní omi, ẹ fi wọ́n jókòó, ẹ pe nọ́ńbà méjì yìí, tàbí kí ẹ mú wọn lọ sí tẹ́ṣàn tó súnmọ́ yín."

Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà méjèèjì àti orúkọ tẹ́ṣàn tí ẹ ti fi ẹjọ́ sùn.

Ẹ wo bí ọjọ́ àti ọdún ṣe pé. Ìkéde tó kọ "láàárọ̀ yìí" máa ń jẹ́ òótọ́ fún ọjọ́ kan péré, lẹ́yìn náà á máa parọ́ fún ọdún mẹ́ta. Ẹ wo orúkọ náà pẹ̀lú. Orúkọ ìwé-ẹ̀rí wọn kò sí níbẹ̀; ti ọlọ́pàá àti ilé-ìwòsàn nìyẹn. Èyí tí wọ́n máa dáhùn sí ló wà níbẹ̀. Ẹni tí iyè rẹ̀ ń rá sábà máa ń di ohun àtijọ́ mú ju ti àná lọ, nítorí náà orúkọ ọjà tàbí oríkì tí ìyá wọn fi ń pè wọ́n lè mú wọn yíjú padà nígbà tí "Màmá" lásán kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Gbólóhùn nípa ìgbàgbé kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àgbàlagbà obìnrin tó bá ara rẹ̀ ní àdúgbò tí kò mọ̀ ní ìdájí, tí kò lè sọ ibi tó ti wá, ti bọ́ sínú ewu níbí rí: wọ́n ní àjẹ́ ni, pé ẹyẹ ló já bọ́ tó di èèyàn. Bàbá tó bá ń tẹ̀lé ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n lè pè é ní gbọ́mọgbọ́mọ. Gbólóhùn kúkúrú pé ìgbàgbé ń ṣe wọ́n, àti ohun tó yẹ kí èèyàn ṣe bí ó bá rí wọn, lè dá ọwọ́ èrò dúró. Ẹ má kọ "orí wọn kò pé," nítorí èèyàn á sá fún wọn. Ẹ má sì kọ orúkọ gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, bí oògùn kan bá wà tí wọn ò gbọdọ̀ pàdánù, ẹ kàn kọ "wọ́n nílò oògùn wọn."

Ẹ fi ohun kan pamọ́. Ó lè jẹ́ àpá iṣẹ́ abẹ ní orúnkún, òrùka kan, eyín tó yọ. Kí èèyàn méjì péré nínú ilé mọ èyí tí ẹ yàn, kí ó má sí nínú fọ́tò, kí ó má sí nínú ọ̀rọ̀. Òun lẹ ó fi dán àwọn tó bá pè wò.

Nọ́ńbà tí ẹ ó kọ kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó so mọ́ báǹkì yín, nítorí pé ó máa wà lọ́wọ́ àwọn tí ẹ ò mọ̀ títí láé. Ẹ ra síìmù tuntun bí ó bá ṣeé ṣe, kí nọ́ńbà kejì jẹ́ ti ẹbí tó wà níbòmíràn, kí ó lè jẹ́ pé bí bátìrì ọ̀kan bá kú, èkejì á wọlé. Kí ẹnì kan jókòó ti fóònù náà pẹ̀lú ìwé àti bírò, kí ó má bá wọn jáde wá màmá kiri.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù olówó pọ́ọ́kú kan, kí ẹ jáde sínú oòrùn, kí ẹ nà án síwájú. Bí ẹ ò bá lè ka nọ́ńbà láìfẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ gé e kù. Ẹ tún kọ ìkéde náà ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì wá ẹni tó máa bá yín kọ ọ́ ní Hausa, nítorí pé ọ̀pọ̀ mẹ́gáàdì àti ọlọ́kadà l'Ékòó, èdè yẹn ló yá lẹ́nu wọn.

Ta ló yẹ kó rí i?

Ẹgbẹ̀rún èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù tó bá rí fọ́tò náà tó sì kọ "ó mà ṣe o" sábẹ́ rẹ̀ kò lè rí màmá. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà tí wọ́n gbà ni ẹ ń wá. Nítorí náà ẹ ya ọ̀nà náà kí ẹ tó pín fọ́tò.

Bí màmá wa bá fẹsẹ̀ rìn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì wà nítòsí. Fọ́tò kọ́kọ́ lọ sí ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò, àwọn mẹ́gáàdì, àwọn tó ń ta nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà láti ìdájí: oníàkàrà, ológì, oníbúrẹ́dì. Àwọn wọ̀nyí ni ojú wọn wà lójú pópó ní aago méje. Bí wọ́n bá wọ ọkọ̀, ìbéèrè tó kù ni ibi tí ọkàn wọn ń fà sí. Ẹni tó ti ń lọ sọ́jà Oyíngbò fún ọ̀pọ̀ ọdún lè jí láàárọ̀ kó ní òun ti pẹ́ sọ́jà. Ọ̀nà náà gba Òṣòdì. Kí ẹnì kan gba gáréèjì Ìyánà-Ìpájà, kí ẹlòmíràn dúró ní Òṣòdì níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ Oyíngbò, kí ẹnì kẹta lọ bá ìyálọ́jà àti àwọn alátá ní Oyíngbò fúnra rẹ̀. Ní gáréèjì, olórí wọn ni kí ẹ rí. Òun ló máa fi fọ́tò sínú ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ju lọ́wọ́ àjèjì lọ.

Ní Oyíngbò, ẹ gbé fọ́tò àtijọ́ dání pẹ̀lú tuntun. Ibẹ̀ nìkan ni fọ́tò ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ti wúlò, nítorí pé àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì ń tajà.

Lẹ́yìn ọ̀nà ni ilé-ìwòsàn. Kí ẹnì kan máa lọ láti ilé-ìwòsàn ìjọba kan sí èkejì, kí ó béèrè ní ẹ̀ka pàjáwìrì bóyá wọ́n gba àgbàlagbà obìnrin tí kò mọ orúkọ ara rẹ̀. Wọn kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ẹ ní láti dé ibẹ̀. L'Ékòó, bí ó bá di ọjọ́ kejì, ẹ fi ibùdó ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà ní Májìdún, Ìkòròdú, kún un. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó àwọn tí wọ́n bá rí lójú títì láìní ẹni lọ. Ilé ìgbókùúsí náà wà nínú ohun tí ó yẹ kí ẹnì kan nínú ẹbí bójú tó, kí ó má jẹ́ ọmọ tó súnmọ́ wọn jù.

Rédíò kò lè fi fọ́tò hàn, ṣùgbọ́n ó ń dé ibi tí WhatsApp kò dé. Radio Lagos 107.5 àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń sọ Yorùbá máa ń gba ìkéde ẹni tó sọnù. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ wọn lọ́tọ̀: ọjọ́ orí, ilà, ìrìn, aṣọ, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ní ọjà, nọ́ńbà kan péré, kí wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti WhatsApp, ìránṣẹ́ tó bá ti rin ọ̀nà jìn máa ń gba àmì Forwarded many times, kò sì ní ṣeé ta látaré sí ju ẹnì kan tàbí ẹgbẹ́ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tún kà á mọ́ bí wọ́n bá rí àmì yẹn. Kí àwọn ẹbí máa mú un jáde láti inú ibi tí wọ́n tọ́jú fọ́tò sí, kí wọ́n fi ránṣẹ́ ní tuntun pẹ̀lú gbólóhùn kan lẹ́nu ara wọn: "Ìyá ọkọ mi ni, ẹ jọ̀ọ́." Lórí Facebook, ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó gbé e jáde fún gbogbo ayé, kí àwọn yòókù tẹ Share lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe, gbogbo ibi tó ti dé á rí àtúnṣe náà. Ẹni tó bá tọ́jú fọ́tò tó sì gbé e jáde lórúkọ ara rẹ̀, àtúnṣe yín kò ní kàn án.

Bí ẹ bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ má lọ fi ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ṣe fótòkọ́pì. Ẹ̀rọ yẹn máa ń sọ ojú dúdú di àbàwọ́n dúdú, ilà á parẹ́, ojú á parẹ́. Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti orí kọ̀ǹpútà ní aláwọ̀, bí ogún tàbí ọgbọ̀n, kí ẹ fi sínú ọ̀rá nítorí òjò. Bí owó bá mú kí ó di fótòkọ́pì dandan, ẹ ní kí wọ́n tẹ ètò fọ́tò lórí ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó mọ́lẹ̀ síi, kí ẹ wo àkọ́kọ́ kí wọ́n tó tẹ ìyókù.

Ìpè tó ń wọlé

Ká ní nígbà tó máa fi di aago méjì ọ̀sán, ìpè mẹ́ta ti wọlé. Ọkùnrin kan ní màmá wà lọ́dọ̀ òun, àárẹ̀ ti mú wọn, kí ẹ fi ₦50,000 ránṣẹ́ fún ilé-ìwòsàn kí òun tó sọ ibi tí àwọn wà. Obìnrin kan ní òun rí wọn ní Abẹ́òkúta láàárín wákàtí kan sí ìsinsìnyí. Ọmọbìnrin kan tó ń ta ọ̀rá ní Oyíngbò ní àgbàlagbà kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ alátá, ó ń lé àwọn tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n kúrò ní ààyè òun.

Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ má sì fi ìdáhùn sínú ìbéèrè. Ẹ má béèrè pé "Ṣé aṣọ aláró ni wọ́n wọ̀?" Ìyẹn wà nínú fọ́tò; ẹnikẹ́ni lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ béèrè pé kí ni wọ́n wọ̀ báyìí, kí ló wà lọ́wọ́ wọn, kí ni wọ́n ń sọ, ibo ni wọ́n kọjú sí. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó ya fọ́tò wọn nísinsìnyí, tàbí kí ó fi fóònù sí wọn létí kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ fi pamọ́ ni ẹ ó béèrè kẹ́yìn.

Ọkùnrin àkọ́kọ́ máa ní kámẹ́rà òun bàjẹ́. Ẹ má fi owó ránṣẹ́, kódà ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ fún ọlọ́pàá, ẹ má bá a jà. Obìnrin Abẹ́òkúta lè jẹ́ olóòótọ́ tó ṣì í mọ̀, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ púpọ̀. Ẹ dúpẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ wá ojúlùmọ̀ kan níbẹ̀ tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ẹ má kó gbogbo èèyàn yín gba ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ti ọlọ́rá náà ló ní ohun tí kò sí nínú ìkéde: ìwà tó bá ìgbésí-ayé màmá mu. Ẹni yín tó wà ní Oyíngbò ti lè dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Kí ó má sáré gbá wọn mú. Kí ó wá láti iwájú, kí ó pè wọ́n ní Ìyá Aláta, kí ó béèrè bí ọjà ṣe rí.

Bí ìpè kò bá wá títí di alẹ́, ẹ má kàn tún fọ́tò kan náà fi ránṣẹ́. Ẹ fi ohun tuntun sí i: ibi tí ẹnì kan ti rí wọn kẹ́yìn tó dájú, tàbí pé wọ́n ti lè pààrọ̀ aṣọ. Èèyàn kì í wo ohun tó ti wò lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn tí ẹ bá rí wọn

Kí inú dídùn má jẹ́ kí ẹ ya fọ́tò wọn bí ẹ ṣe bá wọn, pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára àti aṣọ tó ya. Fọ́tò tó ti wà níta tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ mú, kí ẹ kọ "A TI RÍ WỌN" àti ọjọ́ náà gbàgàdà lé e lórí, kí ẹ sọ ọ́ di aláìláwọ̀, kí ẹ sì yọ nọ́ńbà kúrò. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ tí ẹ ti kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ ti kọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ láti òwúrọ̀. Lórí Facebook, ẹ tún ọ̀rọ̀ inú ti àkọ́kọ́ ṣe, ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí gbogbo ẹni tó tẹ Share rí i, lẹ́yìn náà kí ẹ pa á rẹ́. Ẹ yọ àwọn ti ara ògiri. Ẹ padà sí tẹ́ṣàn kí wọ́n pa ẹjọ́ náà dé, kí ẹ sì sọ fún rédíò.

Pípa á rẹ́ nínú WhatsApp kò kan ẹ̀dà tí ẹlòmíràn ti ta látaré. Fọ́tò náà á ṣì máa rìn, ẹnì kan ní Ìlọrin lè pè yín ní oṣù mẹ́fà sí i pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìkéde. Ẹ jẹ́ kí síìmù yẹn wà láàyè fún oṣù mélòó kan, kí ẹ sì ní fọ́tò "A TI RÍ WỌN" ní ìkáwọ́, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni náà kí ó lè fi dá ti ẹgbẹ́ tirẹ̀ dúró.